Bí ẹni tó kọ́ sáìtì yín bá ti lọ: bí ẹ ṣe máa tún ojú ewé àti ọjà inú ṣọ́ọ̀bù yín ṣe fúnra yín

Ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù orí íńtánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi WordPress àti WooCommerce kọ́ ni mo kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, pàápàá ẹni tí olùkọ́ sáìtì rẹ̀ ti fẹ́ fi iṣẹ́ lé e lọ́wọ́ kó sì máa lọ. Ẹ ò ní kọ kóòdù kankan. Ẹ máa wọlé, ẹ máa yí ọ̀rọ̀ àti owó ọjà padà, ẹ máa fi irú ọjà tuntun kún ti tẹ́lẹ̀, ẹ ó sì mọ bí ẹ ṣe máa padà sẹ́yìn nígbà tí nǹkan bá dàrú.

Ọ̀rọ̀ pípadà sẹ́yìn yẹn ni kí ẹ dì mú jù. Ojú ewé máa ń rántí: WordPress ń tọ́jú ẹ̀dà ohun tó wà níbẹ̀ kí ẹ tó yí i padà. Owó ọjà kì í rántí. Tí ẹ bá sọ 4500 di 5200, tí ẹ sì ti tẹ bọ́tìnì, kò síbi tí ẹ ti máa rí 4500 yẹn mọ́ lójú ìwé ọjà náà. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ tí à ń fi mú ojú ewé fi yàtọ̀ sí ọwọ́ tí à ń fi mú ọjà.

## Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ gbà kó tó lọ

Àkáǹtì mẹ́ta ló wà lẹ́yìn sáìtì yín: èyí tí wọ́n fi ra àdírẹ́sì rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń san owó ibi tí sáìtì ń gbé, àti èyí tí owó àwọn oníbàárà ń gbà wọlé. Ímeèlì yín ló gbọ́dọ̀ wà lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Pásíwọ́ọ̀dù tí ẹ gbà nìkan kò tó, torí ẹni tó ni ímeèlì ibẹ̀ lè yí pásíwọ́ọ̀dù padà nígbàkígbà.

Nínú WordPress gan-an, ẹ fi `/wp-admin` kún ìparí àdírẹ́sì sáìtì yín kí ẹ lè dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ ní kó ṣí àkáǹtì tuntun fún yín lábẹ́ `Users`, kó sì fún un ní ipò `Administrator`. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí `Settings`, ẹ yan `General`, kí ẹ wo `Administration Email Address`. Tí ímeèlì olùkọ́ sáìtì bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ fi tiyín rọ́pò rẹ̀, kí ẹ sì tẹ líǹkì ìfìdímúlẹ̀ tó máa wọlé sínú ímeèlì yín, torí ìyípadà náà kì í múlẹ̀ títí ẹ ó fi tẹ̀ ẹ́. Ímeèlì yìí ṣe pàtàkì: nígbà tí àṣìṣe ńlá bá mú kí sáìtì kọ̀ láti ṣí, ibẹ̀ ni WordPress ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí kí ẹ lè wọlé láti ẹ̀yìn.

Ẹ tún ṣí àkáǹtì kejì fún ara yín, kí ẹ fún un ní ipò `Shop manager`. Èyí ni kí ẹ máa lò lójoojúmọ́. Ó lè tún ojú ewé àti ọjà ṣe, ó lè rí ọ́dà, àmọ́ kò lè fi ohun tuntun kún ètò sáìtì tàbí yọ ohun tó wà níbẹ̀ kúrò. Àṣìṣe tó lè wó gbogbo sáìtì kò pọ̀ ní ipò yẹn.

Ewu kan wà nígbà tí ẹ bá fẹ́ yọ olùkọ́ sáìtì kúrò. Tí ẹ bá tẹ `Delete` lábẹ́ orúkọ rẹ̀, WordPress máa béèrè ohun tó máa ṣe sí nǹkan tí ẹni náà dá sílẹ̀. Ìdáhùn méjì ló wà: `Delete all content` àti `Attribute all content to`. Òun ló kọ ojú ewé yín, òun ló sì gbé ọ̀pọ̀ àwòrán sórí sáìtì. Tí ẹ bá yan ti àkọ́kọ́, ojú ewé àti àwòrán á bá a lọ. Ti kejì ni kí ẹ yan, kí ẹ sì fi orúkọ tiyín síwájú rẹ̀. Ní tèmi, kí ẹ kọ́kọ́ sọ ipò rẹ̀ di `Subscriber` fún bí oṣù kan ló dáa jù. Kò ní lè fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ̀yin náà á sì rí i bóyá ohun kan wà tó dúró lórí àkáǹtì rẹ̀ kí ẹ tó pa á rẹ́.

## Ojú ewé

Ẹ tẹ `Pages` ní apá òsì, ẹ wá ojú ewé tí ẹ fẹ́, kí ẹ tẹ `Edit`. Tí ẹ bá rí bọ́tìnì `Edit with Elementor` tàbí orúkọ irinṣẹ́ mìíràn tó jọ ọ́, òun ni wọ́n fi to ojú ewé náà, òun náà sì ni kí ẹ fi máa tún un ṣe. Ẹ má fi ọ̀kan ṣe lónìí kí ẹ fi èkejì ṣe lọ́la, torí ohun tí ẹ kọ sínú ọ̀kan lè má hàn nínú èkejì.

Tí kò bá sí irú bọ́tìnì bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí i pé ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan dá dúró bíi búlọ́ọ̀kù. Ẹ tẹ inú èyí tí ẹ fẹ́ yí padà, kí ẹ pa ọ̀rọ̀ àtijọ́ rẹ́, kí ẹ kọ tuntun. Tí ọ̀rọ̀ náà bá ti wà níbòmíràn, ẹ fi `Ctrl+Shift+V` lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀ dípò `Ctrl+V`. Bí ẹ bá ṣe é bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ló máa wọlé. Ìrísí lẹ́tà àti àwọ̀ tó wà níbi tí ẹ ti mú un kò ní tẹ̀ lé e wá ba ojú ewé jẹ́. Ẹ wò ó nínú `Preview` kí ẹ tó tẹ `Save`. Lórí sáìtì tí kò tíì gba ẹ̀dà tuntun, `Update` ni wọ́n kọ sára bọ́tìnì náà.

Tó bá dàrú lẹ́yìn tí ẹ ti tẹ̀ ẹ́, ẹ wo apá ọ̀tún fún `Revisions`. Ẹ ó rí ẹ̀dà àtijọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó yí i padà. Ẹ yan èyí tó dáa, kí ẹ tẹ bọ́tìnì `Restore` tó wà níbẹ̀. Ẹ lè dán èyí wò lójú ewé kan tí kò ṣe pàtàkì kí olùkọ́ sáìtì tó lọ, kó lè mọ́ yín lọ́wọ́.

Ohun kan wà tí ojú ewé kì í rántí, ìyẹn àdírẹ́sì rẹ̀. Tí ẹ bá yí apá ìkẹyìn àdírẹ́sì ọjà padà, WordPress máa ń rántí ti tẹ́lẹ̀, á sì darí ẹni tó bá tẹ líǹkì àtijọ́ lọ síbi tuntun. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ fún ojú ewé. Ẹ yí àkọlé padà bó ṣe wù yín, àmọ́ ẹ fi àdírẹ́sì sílẹ̀, àgàgà tí ẹ bá ti fi líǹkì rẹ̀ ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà rí.

Ojú ewé mẹ́rin ni kí ẹ má fọwọ́ kàn: `Shop`, `Cart`, `Checkout` àti `My account`. WooCommerce ló ń kún inú wọn. Lórí àwọn sáìtì kan, ohun tí ẹ máa rí tí ẹ bá ṣí wọn kò ju ìlà kan lọ:

```
[woocommerce_cart]
[woocommerce_checkout]
[woocommerce_my_account]
```

Ó jọ ìdọ̀tí tí ẹnì kan gbàgbé síbẹ̀, ó sì máa ń wu èèyàn láti pa á rẹ́. Tí ìlà inú `Checkout` bá lọ, ojú ewé ìsanwó á ṣófo, kò sì sí oníbàárà tó máa lè sanwó. Tó bá jẹ́ pé ojú ewé náà fúnra rẹ̀ ni ẹ pa rẹ́, ó wà nínú `Trash` fún ọgbọ̀n ọjọ́, ẹ lè tẹ `Restore` níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí `WooCommerce`, `Settings`, `Advanced`, kí ẹ rí i dájú pé orúkọ ojú ewé kọ̀ọ̀kan ṣì wà ní àyè rẹ̀. Ti `Shop` nìkan ló wà lábẹ́ `Products` nínú `Settings` kan náà.

## Ọjà: kí ẹ tó fọwọ́ kan owó

Ẹ kọ́kọ́ gba ẹ̀dà. Nínú `Products`, ẹ tẹ `Export` tó wà lókè, ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ tẹ `Generate CSV`. Fáìlì kan máa bọ́ sórí kọ̀ǹpútà yín tó ní gbogbo ọjà, owó wọn àti iye tó kù nínú. Ẹ fi ọjọ́ òní sínú orúkọ fáìlì náà. Kì í gba ìṣẹ́jú márùn-ún lórí ṣọ́ọ̀bù kékeré, òun sì ni ìrántí tí owó ọjà kò ní.

Tó bá jẹ́ ọjà kan tí kò ní oríṣiríṣi ìwọ̀n tàbí àwọ̀ ni, ẹ fi atọ́ka lé orúkọ rẹ̀ nínú àkójọ ọjà, ẹ tẹ `Quick Edit`, ẹ yí `Price` padà, kí ẹ tẹ `Update`. Nọ́ńbà lásán ni kí ẹ kọ: `5200`. Ẹ má fi àmì owó síwájú rẹ̀, ẹ má sì fi kọ́mà pín ẹgbẹ̀rún, torí sáìtì fúnra rẹ̀ ló ń fi ìyẹn kún un nígbà tó bá ń fi owó han oníbàárà. Tí ẹ kò bá rí àyè owó nínú `Quick Edit`, ọjà náà ní oríṣiríṣi nínú, ẹ sì gbọ́dọ̀ wọ inú rẹ̀ gan-an.

Fún ẹ̀dínwó, `Regular price` máa wà bó ṣe wà, owó tuntun á lọ sínú `Sale price`. Tí ẹ bá tẹ `Schedule`, ẹ lè yan ọjọ́ tó máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Ẹ fi àkáǹtì `Administrator` yín wo `Timezone` nínú `Settings`, `General` kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e, torí aago ibẹ̀ ni ẹ̀dínwó ń tẹ̀ lé. Tó bá jẹ́ aago ibòmíràn ni wọ́n fi síbẹ̀, ẹ̀dínwó yín lè bẹ̀rẹ̀ tàbí kó parí ní wákàtí tí ẹ kò retí.

Àwọn kan máa ń bẹ̀rù pé tí àwọn bá yí owó padà, ọ́dà àtijọ́ á yí padà. Rárá o. Ọ́dà kọ̀ọ̀kan ní owó tirẹ̀ nínú láti ọjọ́ tí oníbàárà ti fi í ránṣẹ́.

## Àpẹẹrẹ kan látòkèdélẹ̀: ṣẹ́ẹ̀tì tó gba ìwọ̀n tuntun

Ibi tí ọ̀pọ̀ oníṣọ́ọ̀bù ti ń há nìyí, nítorí náà ẹ jẹ́ ká rìn ín díẹ̀díẹ̀. Ká ní ẹ ní ṣẹ́ẹ̀tì kan ní àwọ̀ méjì, dúdú àti funfun, àti ìwọ̀n méjì, `M` àti `L`. Ìyẹn jẹ́ oríṣi mẹ́rin, 4500 sì ni gbogbo wọn. Ìwọ̀n `XL` ti dé báyìí ní àwọ̀ méjèèjì, ẹ sì fẹ́ tà á ní 5000.

1. Ẹ ṣí ọjà náà, kí ẹ sọ̀ kalẹ̀ dé àpótí `Product data`. Ẹ má yí ọ̀rọ̀ `Variable product` tó wà lókè rẹ̀ padà. Tí ẹ bá sọ ọ́ di `Simple product` tí ẹ sì fi pamọ́, oríṣi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á parẹ́ pátápátá.

2. Ẹ tẹ `Attributes`. Ẹ ṣí `Size`. Tó bá jẹ́ àwọn ìwọ̀n náà dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àpótí kéékèèké, ẹ wá `XL` níbẹ̀. Tí kò bá sí, bọ́tìnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tí ẹ lè fi dá a sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ rí wọn lórí ìlà kan, àmì `|` ló pín wọn níyà, ẹ sì máa kọ ọ́ báyìí:

```
M | L | XL
```

3. Ẹ rí i pé àmì wà nínú `Used for variations`, kí ẹ tẹ `Save attributes`. Tí ẹ bá fo bọ́tìnì yìí, ìpele tó kàn kò ní mọ̀ pé `XL` ti wà.

4. Ẹ lọ sí `Variations`, kí ẹ tẹ `Generate variations`. Mẹ́rin àtijọ́ á wà bí wọ́n ṣe wà. Àwọn tí kò tíì sí nìkan ló máa dá sílẹ̀: dúdú `XL` àti funfun `XL`. Ó yẹ kí ẹ rí mẹ́fà báyìí.

5. Ẹ ṣí méjì tuntun náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ `5000` sínú `Regular price`. Ẹ fi iye tó wà nílẹ̀ àti àwòrán sí i.

6. Ẹ tẹ `Save changes` tó wà nísàlẹ̀ àpótí náà, lẹ́yìn náà kí ẹ gòkè lọ tẹ `Update`.

Ìpele karùn-ún ló máa ń fa wàhálà jù. Oríṣi tí kò ní owó kì í hàn nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sì ní kígbe sí oníbàárà pé owó òun ni kò sí. Bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé òun ò rí `XL`, owó ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe àwòrán tàbí iye tó kù.

Ẹ sì ṣọ́ra fún ọ̀nà àbùjá tó wà lókè `Variations`, níbi tí ẹ ti lè yan `Set regular prices`. Gbogbo oríṣi ló ń fi owó kan náà sí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí ẹ bá kọ 5000 síbẹ̀, `M` àti `L` náà á di 5000. Ibẹ̀ kan náà ni ẹ ti máa rí èyí tó ń fi ìdá nínú ọgọ́rùn-ún kún owó. Ó wúlò gan-an, àmọ́ ó máa ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́. Tí ẹ bá fi `10%` kún 5000, ó di 5500. Tí ẹ bá rò pé kò ṣiṣẹ́ tí ẹ tún tẹ̀ ẹ́, ó di 6050. Ẹ wo nọ́ńbà kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì.

## Bí ẹ ṣe máa dá owó padà láti inú fáìlì

Ká ní ẹ ti ṣe àṣìṣe yẹn, owó ọjà púpọ̀ sì ti bàjẹ́. Fáìlì tí ẹ gbà ní òwúrọ̀ wà. Ẹ lọ sí `Products`, ẹ tẹ `Import`, ẹ yan fáìlì náà, kí ẹ fi àmì sínú `Update existing products`, kí ẹ tó tẹ `Continue`. Láìsí àmì yẹn, ẹ̀dínwó tàbí owó àtijọ́ kò ní padà sára ọjà tó ti wà.

Ojú ìwé tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ fara balẹ̀ lórí. Wọ́n to òpó inú fáìlì síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń lọ. Iye ọjà tó kù wà nínú fáìlì yín, iye òwúrọ̀ sì ni. Tí ẹ bá ti ta ṣẹ́ẹ̀tì mẹ́ta láti ìgbà náà, tí ẹ sì jẹ́ kí òpó `Stock` wọlé, sáìtì á gbà pé mẹ́ta yẹn ṣì wà nílẹ̀, á sì tà wọ́n lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, ẹ yan `Do not import` níwájú `Stock` àti `In stock?`, kí ẹ tó tẹ `Run the importer`.

Ẹ má ṣí fáìlì náà nínú Excel kí ẹ sì fi pamọ́ láti ibẹ̀, àyàfi tí ẹ bá nídìí. Excel máa ń yọ òdo tó wà níwájú nọ́ńbà, tó fi jẹ́ pé nọ́ńbà ọjà `00417` á di `417`, tí ọjà náà á sì gba nọ́ńbà tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ ṣe ẹ̀dà mìíràn tí ẹ bá fẹ́ wo inú rẹ̀.

## Iye tó kù, àti ọjà tó ti tán

Nígbà tí ẹ bá ń tún ọjà ṣe, oníbàárà lè máa rà á lọ́wọ́ kan náà. Bí iye bá yí padà láàárín ìgbà tí ẹ ṣí ọjà náà àti ìgbà tí ẹ tẹ `Update`, WooCommerce kò ní gba nọ́ńbà yín, á sì sọ fún yín pé iye ti yí padà. Ẹ tún ojú ìwé náà ṣí, kí ẹ ka nọ́ńbà tuntun, kí ẹ wá yí i.

Ọjà tó bá tán, ẹ má pa á rẹ́. Ẹ fi `Out of stock` sí i. Tí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí i fúngbà díẹ̀, ẹ sọ ọ́ di `Draft`. Àdírẹ́sì rẹ̀, àwòrán rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ tí àwọn oníbàárà kọ nípa rẹ̀ á wà níbẹ̀ dè yín.

## Nígbà tí ẹ bá yí nǹkan padà tí kò hàn

Ẹ má tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ kọ́kọ́ ṣí fèrèsé ìkọ̀kọ̀ nínú bùráúsà yín, níbi tí ẹ kò ti wọlé sí àkáǹtì, kí ẹ wo ọjà náà bí oníbàárà ṣe máa rí i. Tó bá jẹ́ tuntun ló hàn níbẹ̀, bùráúsà tiyín ló ń fi ẹ̀dà àtijọ́ hàn yín. Tó bá jẹ́ ti àtijọ́, sáìtì fúnra rẹ̀ ló ń pín ẹ̀dà tó ti tọ́jú kó lè yá. Lórí ọ̀pọ̀ sáìtì, bọ́tìnì kan wà lókè nígbà tí ẹ bá wọlé, tí wọ́n kọ `Clear cache` tàbí `Purge` sí lára. Ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ tún wò ó. Ẹ ní kí olùkọ́ sáìtì fi bọ́tìnì náà hàn yín kó tó lọ, torí ibi tó wà yàtọ̀ láti sáìtì dé sáìtì, àti pé `Shop manager` lè má rí i.

Lẹ́yìn ìyẹn, nínú fèrèsé ìkọ̀kọ̀ yẹn kan náà, ẹ yan dúdú `XL`, ẹ fi sínú apẹ̀rẹ̀, kí ẹ tẹ̀ síwájú dé ibi tí wọ́n ti ń béèrè owó. Tí 5000 bá hàn níbẹ̀, ẹ ti parí, ẹ lè ti fèrèsé náà.